Èènì Kì Í Wọ Ìpolówó

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, na fóònù rẹ̀ sí mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ipata, ó ní kí n ka ohun tí oníbàárà kan kọ. Kúlíkúlí ni Àǹtí ń dín. Ó ń dì í sínú ọ̀rá, ó sì ń tà á ní páálí fún àwọn tó ń tún un tà. Oníbàárà yìí, ìyáàfin kan láti Ọ̀mù-Àrán, ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Tanke, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi kúlíkúlí mu gààrí. Ó kọ ọ́ pé: “Alhaja, 9,600 ni páálí yín. Ibòmíràn, 7,800 ni.”

Èmi ni mo kọ ìpolówó tó kà. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo ń kọ fún àwọn oníṣòwò, òun ni mo fi ń jẹun. Mo ti kọ ọ́ pé kúlíkúlí wa ń ró kàkà lẹ́nu, pé páálí jẹ́ 9,600, àti pé bí èèyàn bá rà púpọ̀, owó á wálẹ̀. Ó dùn ún kà. Àmọ́ ta ni yóò fi adùn ṣírò èrè?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ wọlé. Bí ìyáàfin yìí bá lọ sí ibòmíràn, Àǹtí ò ní níṣẹ́ fún àwọn obìnrin méjì tó ń bá a dín in mọ́. Ó sọ ọ́ lójú wọn, kò fi pamọ́. Mo sì mọ àwọn ọmọ wọn.

Mo lọ ra páálí ẹni kejì tó ń tà á ní 7,800. Ọ̀rá tirẹ̀ wúwo tó tiwa, gíráàmù ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ogójì ló wà nínú páálí. Méjìdínláàádọ́ta ni tiwa! Páálí ni ìyáàfin náà fi ń wé páálí, bẹ́ẹ̀ wọn ò dọ́gba. Mo jókòó, mo tún un kọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ètò kan náà:

Ó kéré tán, páálí 3. Ọ̀rá 48 nínú páálí, gíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan.
Páálí 3 sí 9: páálí kan 9,600, ọ̀rá kan 200.
Páálí 10 sí 24: páálí kan 9,120, ọ̀rá kan 190.
Páálí 25 sókè: páálí kan 8,640, ọ̀rá kan 180.

Ti ẹni kejì, ọ̀rá kan jẹ́ 195. Ẹni tó bá ra mẹ́wàá lọ́wọ́ wa ti jèrè. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò mú mi. Àǹtí máa ń fi ọ̀rá kan ṣe èènì sórí dọ́sìnì kọ̀ọ̀kan, dọ́sìnì mẹ́rin ló sì wà nínú páálí. Kí ló dé tí n kò fi kà á mọ́ ọn? Mo yí 48 sí 52, iye owó ọ̀rá kan tún wálẹ̀ sí i, mo sì kọ́kọ́ gbé e sójú WhatsApp Àǹtí kí gbogbo ayé rí i.

Oníbàárà àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ dáhùn: “52, ó dáa. Èènì wa ńkọ́?”

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, o ti tà á! Èènì tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, wallahi, gbèsè ni. Kí lo wá fẹ́ kí n fún wọn báyìí, orí mi?”

“Àǹtí, ṣebí òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀?”

“Òótọ́ ni. Jẹ́ kí wọ́n bá a níbẹ̀.”

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo dá a padà sí 48, mo wá fi ránṣẹ́ sí ìyáàfin tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke. Kò pẹ́ tó fi béèrè fún páálí mẹ́wàá, ó ní òun ń dán wa wò ni.

Lọ́jọ́ kejì tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ ló pè. Àǹtí tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn obìnrin náà le díẹ̀. “Alhaja, ẹ kọ 48. Mo ka páálí méjì, 52 ni mo bá nínú méjèèjì. Ṣé ẹ ṣì í kà ni? Mi ò fẹ́ kí ẹ wá béèrè owó lẹ́yìn ọ̀la.”

“A ò ṣì í kà, màdáàmù. Èènì yín ni.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn tí mo ń bá rà tẹ́lẹ̀ ò ṣe èènì fún mi rí. Ẹ bá mi di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé.”

“Alhamdulillahi,” ni Àǹtí wí. Ó yíjú sí àwọn obìnrin méjèèjì tó ti dìde dúró láìmọ̀. “Kí lẹ ń wò? Ẹ gbé agbada kaná.”