Wáyà Tó Gùn Jù

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe l'Ókè-Ògbó. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ju kí n ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe lọ́jọ́ náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lókè òkun. Kò wá sí ìsìnkú bàbá wa, màmá wa sì bínú débi pé wọn kì í gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí n gba ọ̀rọ̀ àwọn sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí i. Ayọ̀ ni mo fi sáré gbé kámẹ́rà dé.

Mo fẹ́ kí gbogbo yàrá hàn, mo bá gbé kámẹ́rà sẹ́nu ọ̀nà. Wáyà máíkì mi gidi kò gùn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn màmá dé ibẹ̀. Òun ló nípọn, tí wọ́n hun wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká bí àwọ̀n láti dáàbò bo ohùn, tó sì ní kókó dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń wọ kámẹ́rà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé kókó yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ló ń dín ariwo bíi ti rédíò kù kó tó wọlé. Èmi ọlọ́gbọ́n-ọ́n-jù fi í sílẹ̀, mo mú èyí tó gùn, olówó pọ́ọ́kú, tí kò ní àwọ̀n, tí kò ní kókó. Mo ká ìyókù rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí màmá. Fóònù wọn náà wà níbẹ̀. Mo pa ohùn rẹ̀ kó má baà dún, ṣùgbọ́n n kò pa fóònù fúnra rẹ̀.

Wáyà àwòrán tí mo fà láti kámẹ́rà sí tẹlifíṣọ̀n yàrá náà, kí n lè máa wo ohun tí mò ń gbà, kúrú, ó sì ní kókó lórí méjèèjì. Àwòrán mọ́ gaara. Ìyẹn ló tàn mí jẹ tí n kò fi íápíìsì sétí láti gbọ́ bí ohùn ṣe ń wọlé.

Màmá wojú kámẹ́rà. "Ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Agídí ni kò jẹ́ kí n gbé ìpè rẹ." Mo sunkún.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀. "Ọmọ mi," lẹ́yìn náà, tí-tí-tí, tí-tí-tí, gììì, títí ọ̀rọ̀ fi tán. Mo mọ ariwo náà. Bí ìpè bá ń wọ fóònù, wáyà gígùn tí kò ní ìdáàbòbò a máa gbé e bí eríà, irin gígùn tí rédíò fi ń fa ohùn mọ́ra. Mo yẹ fóònù màmá wò. Ìpè mẹ́ta ló wọlé ní wákàtí yẹn gan-an, ti ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi gbìyànjú títí láti yọ ariwo náà, kò ṣeé ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí tẹkúntẹkún.

"Kí ni màmá sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín. Mo wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé kì í ṣe pé o kàn fẹ́ tù mí nínú?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ariwo kí nìyẹn?"

"Wáyà ni. Ó gùn jù."

Ó ṣì ń bi mí ní ìbéèrè kan náà títí dòní, bóyá òótọ́ ni màmá dárí ji òun. N kò tíì lè sọ fún un pé ìpè tirẹ̀ ló bo ìdáhùn náà mọ́lẹ̀.