Màlúù Ara Àpò

Rúùtù fẹ́ po yọ́gọ́ọ̀tì ìkómọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Takie. Ó ti ṣèlérí fún ìyá ọmọ pé fúúlù kíríìmù, mílíìkì tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀, lòun yóò lò. Gbádégẹṣin, tó ń ta mílíìkì oníyẹ̀fun fún un, gbé àpò mẹ́ta dé láti Ọjà Igbó.

"Màmá, ẹ wo màlúù lára eléyìí!"

"Ṣé màlúù ni mo ní kóo kó wá?" Rúùtù ka ẹ̀yìn àpò. Wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì náà, wọ́n fi òróró ọ̀pẹ dípò rẹ̀. "Fíìlìdì lèyí." Èkejì kò lọ́ràá rárá: sìkíìmù. Ẹ̀kẹta nìkan ló jẹ́ mílíìkì pọ́ńbélé tòun tọ̀rá rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n wọn mílíìkì kan sí omi méje. Rúùtù bu mílíìkì kóńgò kan, ó ń bu omi kóńgò méje.

Gbádégẹṣin kígbe. "Háà, Màmá ọ̀mọ̀wé! Orí ìwọ̀n ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé e. Kóńgò mílíìkì kan fúyẹ́ ju kóńgò omi kan lọ. Omi lásán làwọn àlejò ìkómọ máa mu!"

Rúùtù rẹ́rìn-ín títí. Ó gbé ìwọ̀n kalẹ̀: mílíìkì kílò kan, omi kílò méje. Lọ́jọ́ kejì, yọ́gọ́ọ̀tì náà ki dáadáa. Ìyá ọmọ lá ṣíbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n tún bu sí i.