"Má" Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ìtàn kan tí kò kún ojú fóònù. Mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́. Bí mo bá jókòó, ara mi ń sọ pé kí n dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mo ń lọ.

Lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, tí mo wáṣẹ́ wáṣẹ́ tí kò sí, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja yíyan. Ìyá kan ní Makoko ló ń bá mi yan án. Èmi á gbé e wá sílé wa ní Muṣin, màá dì í sínú ọ̀rá, màá fi ẹ̀rọ kékeré kan lẹ ẹnu ọ̀rá pa, màá sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ń tà. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni olùkọ́ kan ní Sùúrùlérè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ohun funfun kan bí òwú ti hù sára ẹja tí mo tà fún un, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣé ká jẹ eléyìí?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn mìíràn ti ráhùn. Mo pe gbogbo ẹni tó rà nínú ẹja ọjọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n dà á nù, mo sì dá owó wọn padà. Lẹ́yìn náà, ojú ìwé mi dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ, torí mo mọ̀ pé ẹni tó bá ṣì ń bú èèyàn lè padà wá rajà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ní Yábàá ló ní kí n sọ ìtàn bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, kí n sọ ibi tó ti bà jẹ́, àti ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Àmọ́ kó jẹ́ òótọ́ o. Bó o bá fi àwàdà bò ó, wọ́n á mọ̀. Bó o bá fi ẹkún bò ó, wọ́n á mọ̀."

Ẹkún gan-an ni mo fi bò ó. Mo kọ bí mi ò ṣe lè jẹun, bí àyà mi ṣe ń já bí fóònù bá ti dún, bí mo ṣe rò pé bàbá mi á ní òun ti sọ fún mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti wá kọ ọ́ pé ẹni tó ń bá wa yan ẹja kò jẹ́ kó gbẹ tó, pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ẹja tí omi wà lára rẹ̀ ló ń hu nǹkan, kí ló tún kù?

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi tó ti ń di irun fún oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ẹja lò ń tà ni, àbí ẹkún?"

Oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n sọ òótọ́ ni."

"Òótọ́ wo? Ìyá tó o ń dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ yẹn, ṣé ó ti gbọ́ pé òun ló jẹ̀bi?"

"Mi ò dárúkọ ẹ̀ náà."

"Ẹni mélòó ló ń yan ẹja fún ẹ? Lọ kà á fún un. Bó o bá lè kà á lójú ẹ̀, kó o gbé e jáde."

Mi ò fẹ́ lọ, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mi ò bá lọ, ẹ̀rù yẹn ò ní tán. Mo lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá náà wà nídìí ààrò rẹ̀, tí èéfín bo gbogbo ojú rẹ̀, tí ẹ̀rọ ilé ìlagi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń han bí ẹni pé wọ́n ń ya irin. Mo dúró títí ẹ̀rọ fi sinmi, mo sì kà á. Mi ò fo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Kò bínú. Ó kàn gbé ẹja kan látorí ààrò, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lójú mi. Ó dún bí igi gbígbẹ.

"Ọmọ yunifásítì, eléyìí ò gbẹ?"

"Ó gbẹ, mà."

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wá, kí ni mo sọ fún ẹ nígbà tó o ń gbé e lọ?"

"Ẹ ní kí n ṣọ́ ọ kó má tutù."

"Má? Níbo ni má ti wá?" Ó yíjú sí obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja. "Ẹ wá gbọ́ o! Mo ní kó ṣọ́ ọ kó tutù, ó lọ fi má sí i!"

Ẹ̀rọ yẹn ń han lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá pẹ̀lú, ìyá náà sì pariwo sí mi láti ọ̀ọ́kán. Ẹja tútù tí mo mọ̀ látọmọdé ni ẹja tí kò gbẹ. Ta ló máa sọ pé kí ẹja yíyan tutù? Èmi fúnra mi ló bá a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sáré wálé, tí mo ń di ẹja sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì ń jó mi lọ́wọ́, kó má baà tutù. Ooru rẹ̀ ló ń di omi nínú ọ̀rá; àwọn tó kọ́kọ́ rà á tètè jẹ ẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Mo tiẹ̀ máa ń rí ìkùukùu lára ọ̀rá náà, mo rò pé ó ń fi hàn pé ọjà náà dára ni.

"Kí ló dé tó ò padà wá béèrè?" ni ìyá náà wí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pa ìtàn náà rẹ́ lójú rẹ̀, mo bi í bóyá mo lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó ní, "Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n sọ má yẹn o. Òun ló dùn jù."

Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá mo lè lo fọ́tò rẹ̀ láìsọ ẹni tó yà á. Ó kọ "ẹ lè lò ó", kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tí mo gbé jáde kò gùn:

"Èmi ni mo ba ẹja yìí jẹ́. Ẹni tó yan án ní kí n jẹ́ kó tutù kí n tó dì í, mo gbọ́ ọ sódì, mi ò sì padà lọ béèrè. Mo dì í ní gbígbóná, omi kó sínú ọ̀rá, ẹja hu nǹkan. Mo ti dá owó gbogbo ẹni tó rà á padà. Bí mo bá gbàgbé yín, ẹ pè mí. Nísinsìnyí, mo ń tẹ́ ẹja sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo dì í sára ọ̀rá. Bí ẹ bá rí omi nínú ọ̀rá, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ dá a padà."

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, mo dojú fóònù bolẹ̀. Mo gbá iyàrá. Mo tún un gbá. Mo yí fóònù padà, mo rí i pé àwọn kan ti kà á láìsọ ohunkóhun. Mo fẹ́ pa á rẹ́, torí ó dà bí ẹni pé mo bọ́ra sílẹ̀ lójú ọjà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí olùkọ́ ará Sùúrùlérè tó kọ̀wé. Kò yìn mí. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ ní ẹja òní?"

Mo ní. Ó wà lórí àwo pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yan án ní òwúrọ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ kọ pé mò ń bọ̀ báyìí, kí n má baà pàdánù oníbàárà yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹja náà, níbi tó nípọn jù; ibẹ̀ ṣì gbóná.

Mo kọ ọ́ pé, "Mo ní, mà, ṣùgbọ́n kò tíì tutù. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Ó kọ ọ́ padà pé, "Ó dáa. Màá dúró."