Ojú Ìwé Kan Tí Àyànkẹ́ Kọ

Ọdún kẹrin rèé tí Àyànkẹ́ ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan ní Èrúwà. Òun ló ń sọ ìròyìn owó olójú-ìwé mọ́kànlá tí ọ́dítọ̀ kọ di ojú ìwé kan fún ìpàdé ọdọọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, alága ní kó kọ “nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún.” Ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kọ ni pé: “Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2024, owó wa ní báńkì jẹ́ ₦4,862,000.”

Ọjọ́ ìpàdé náà ni wọ́n fẹ́ yan akọ̀wé. Bàbá Sódìq, ọ̀kan lára àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ náà, na ìròyìn ọ́dítọ̀ sókè.

“Akọ̀wé, 4,862 ni mo rí níbí! Ṣé o fẹ́ fi mílíọ̀nù tàn wá jẹ ni? Kó o yáa gbé ipò sílẹ̀!”

Ariwo sọ.

Àyànkẹ́ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè àtẹ iye owó tó wà nínú ìròyìn yẹn.”

Bàbá wọ awò ojú. “‘Ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo iye wọ̀nyí.’”

“Ẹ wá sọ 4,862 di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan.”

Bàbá tẹ fóònù rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ó pé géérégé! Ta ló tún fẹ́ bá ọmọ yìí du ipò?”

Kò sẹ́ni tó jáde. Gbogbo ọwọ́ ló nà sókè fún Àyànkẹ́, ti alága náà sì wà níbẹ̀.