Bí Ìyàwó Ṣe Ń Pe Àwọn Ọkọ Rẹ̀ Jọ

Ìyá ọkọ mi kì í béèrè nǹkan púpọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Ire-Akari, l'Ékòó, ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá wọn fi òróró pa ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ó wù mí kí n rí gbogbo ọmọ mi nínú ilé kan. Kì í ṣe nítorí òkú, kì í ṣe nítorí pé ara mi ò yá. Kí n ṣáà jókòó, kí n máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Mo sọ fún ọkọ mi. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni níbi iṣẹ́, àṣẹ ló sì mọ̀ ọ́n pa. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí: "Ìpàdé ẹbí, Sátidé tó ń bọ̀, aago méjìlá. Ó pọn dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má pẹ́ o."

Gbogbo wọn kà á. Nígbà tó yá, àǹtí tó ń tajà ní Apakun, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, fèsì pé, "Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn ló ń pàṣẹ fún mi báyìí? Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!"

Ọkọ mi fẹ́ fún wọn lésì. Mo di fóònù mú. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Màmá ń bi mí láti yàrá pé, "Ṣé wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀?"

"Wọ́n ń rò ó, Mà."

Ẹ gbọ́ o, ìyàwó ilé ni mí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sílé yẹn kí n tó wọ̀ ọ́, ọkọ mi ni, n kì í sì í pe orúkọ wọn. Àtìgbà tí mo ti dé ni mo ti fún kálukú lórúkọ tèmi. Àgbà wọn tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ni Akọ̀wé. Àǹtí Apakun ni Eyínfúnjowó. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ kan n'Ísọlọ̀, tó ga bí òpó, ni Agùntáṣọlò.

Akọ̀wé ni mo kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ gbà mí láyè kí n bá àwọn ọkọ mi sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ bó o ṣe fẹ́. Mo wà lẹ́yìn ẹ."

N ò kọ nǹkan kan sórí Wásáàpù ẹbí. Ohùn mi ni mo fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀: "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o. Akọ̀wé, mo kúnlẹ̀. Eyínfúnjowó, ẹ kú ọjà. Agùntáṣọlò, ẹ kú àìsùn. Màmá fẹ́ máa wò yín níbi oúnjẹ, ìyẹn náà ni. Ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn? Ẹni tí kò bá rọrùn fún, a ò ní bínú, a ó gbé fóònù sójú Màmá kí wọ́n rí i." Màmá bá fi ohùn tiwọn kún un: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo gbé ìdìbò síbẹ̀, ọjọ́ méjì péré kí wọ́n mú ọ̀kan: Sátidé, tàbí ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn àdúrà àsàlátù. Gbogbo wọn mú Sọ́ńdè, àfi Agùntáṣọlò tí kò dìbò. N kò dárúkọ Agùntáṣọlò lójú gbogbo ẹbí. Ìkọ̀kọ̀ ni mo ti kí wọn.

"Ìyàwó, kì í ṣe pé mo kọ̀," ni wọ́n wí. "Ilé iṣẹ́ ò tíì lẹ ètò iṣẹ́ òru mọ́ ògiri ni. Ojú ń tì mí láti máa sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà."

Mo ní a ó dúró dè wọ́n. A dúró lóòótọ́, títí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Agùntáṣọlò ò níṣẹ́ ní Sọ́ńdè yẹn.

Ó wá ku oúnjẹ. Dípò kí n máa pín iṣẹ́ fún wọn, tèmi ni mo sọ: "Màá se ìrẹsì o. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká gbọ́."

Eyínfúnjowó fò fẹ̀rẹ̀: "Ìwọ wo? Ìrẹsì tó o sè lọ́jọ́sí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mọ ilé! Èmi ni màá sè é. Agùntáṣọlò rẹ á gbé omi wá. Àbíkẹ́yìn, ìwọ lo máa to àga, má sì pẹ́ o!"

"Ẹ wò ó, àwọn náà ń pàṣẹ!" ni ọkọ mi kígbe. Mo ní, "Ẹ lọ to àga, ẹ̀gbọ́n yín ni."

Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ wa, ariwo gba ilé. Àwo Màmá kún, ṣíbí sì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbé e lọ sẹ́nu.

"Màmá, ẹ jẹun," ni Eyínfúnjowó wí.

"Mò ń jẹ ẹ́," ni Màmá wí, ojú wọn ń kúrò lára ọmọ kan bọ́ sára èkejì.