Ilé Kìíní Wà Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Bí mo bá rí ilé márùn-ún tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, inú á bí mi. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, mo sì ti dàgbà ju ìbínú bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mi ò ní parọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́ ni mo wà nígbà náà, ní Okìtìpupa, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Ọdún tí mo máa jáde ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá jáde, ibi tó wu àwọn aláṣẹ ni wọ́n máa rán wa lọ. Ẹlòmíì á bọ́ sí ìlú, ẹlòmíì á bọ́ sí abúlé etí omi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Èmi ò gbọdọ̀ lọ sétí omi. Màmá mi nìkan ló wà nílé wa nínú ìlú, ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọmọ mìíràn tó bí yàtọ̀ sí mi. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa ń mú síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀rẹ́ mi mọ gbogbo èyí. Ọmọ Ìlútítun ni, ibùsùn wa kọjú síra. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ìyá í pè. Bí a bá gba àyè lọ́jọ́ Àìkú, ilé wa la jọ ń lọ, màmá mi á ro pupuru fún wa, á sì bu ẹja tó tóbi jù fún un. Bí mo bá bínú, màmá mi á ní, “Ọma mi, ìwọ ní ìyá. Jẹ́ kó jẹ ẹja.” Mo jẹ́ kó jẹ ẹja.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, olùkọ́ ìṣirò wa kọ àlọ́ kan sójú pátákó. Inú ìwé ìròyìn òyìnbó ló ti rí irú rẹ̀, ó ní òun ti pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀ sí tiwa. Ilé márùn-ún ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan. Àwọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹran tí wọ́n ń sìn níbẹ̀ yàtọ̀, ohun tí wọ́n ń mu yàtọ̀. Ó fún wa ní gbólóhùn mẹ́wàá tó máa tọ́ wa sọ́nà, ó wá béèrè pé: ta ló ń sin ọ̀bọ?

Ó ní, “Ìdáhùn kọ́ ni mò ń wá o. Mo fẹ́ àtẹ tí ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́fà máa fi rí ìdáhùn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí tó dára jù lọ́jọ́ Ajé, òun ni màá dárúkọ fún ilé ìwé inú ọgbà.”

Mo fẹ́ràn irú nǹkan báyìí ju oúnjẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú rúlà, ìwé, yíǹkì àti pẹ́ńsùlù. Mo fa òpó márùn-ún sórí ìwé, òpó kan fún ilé kan. Mo fa ìlà mẹ́ta dábùú wọn: àwọ̀, ẹran, ohun mímu. Àpótí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde. Òfin tí mo gbé kalẹ̀ kò le. Ohun tó dájú, fi yíǹkì kọ ọ́. Ohun tó ṣeé ṣe, fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Bí nǹkan kan bá ti ní ilé, pa á rẹ́ nínú ilé mẹ́rin yòókù.

Olùkọ́ wa ní ilé kìíní lápá òsì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àti pé kòkó ni wọ́n ń mu nílé àárín. Méjì yìí wọ yíǹkì lójú ẹsẹ̀. Ilé aláwọ̀ aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oníyeyè, ilé kejì ni nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló kan èyí tó da gbogbo kíláàsì láàmú: ilé aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ òsì ilé funfun gan-an, wọ́n ti so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹmu ni wọ́n ń mu nílé aláwọ̀ ewé. Ilé kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló kù. Bí ewé bá wà ní ìkẹta, funfun á wà ní ìkẹrin. Bí ewé bá wà ní ìkẹrin, funfun á wà ní ìkarùn-ún. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kòkó ti wà ní ìkẹta, ẹmu ò lè wọbẹ̀. Mo pa ewé rẹ́ níbẹ̀. Ó di ìkẹrin, funfun di ìkarùn-ún, ilé pupa ló wá bọ́ sí àárín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín sókè.

Àwọn ẹran ò wá le mọ́. Ológbò wà nílé oníyeyè, ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ológbò, ajá wà nílé pupa. Omi ni wọ́n ń mu nílé aláró. Ẹni tó ń mu tíì ló ń sin ẹyẹlé, ibi kan ṣoṣo tí tíì àti ẹyẹlé ti lè jọ wà ni ìkarùn-ún. Ògógóró ló kù fún ilé kìíní. Ọ̀bọ bọ́ sí ilé ìkẹrin, nílé aláwọ̀ ewé, lọ́dọ̀ ẹlẹ́mu. Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ọ̀bọ àti ọ̀mùtí kì í jìnnà síra.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi wá bá mi. Ó ti gbìyànjú, kò yé e. Ìyókù ọ̀sán yẹn ni mo fi kọ́ ọ, àpótí kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi lè ṣe é láìwo ìwé mi. Ó wá béèrè pé kí ló dé tí mo fi kọ ilé kìíní sí apá ọ̀tún ìwé, tí mo ń kà á bọ̀ sí òsì bí ẹni tó ń ka Lárúbáwá.

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò ó, mo wá sọ fún un. Màmá mi ló fà á. Iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, á kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, á kọjú sí ọ̀nà, èmi á jókòó sọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, ọwọ́ tirẹ̀ ló fi ń júwe, àlejò á sì ṣìnà. Bí mo bá bá a jà, á ní, “Ilé ló lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọjá kò lọ́wọ́.” Ọwọ́ òsì ẹni tó jókòó síwájú ilé, ọ̀tún ẹni tó dúró lójú ọ̀nà tó kọjú sí ilé ni. Bí èmi ṣe mọ ilé nìyẹn láti kékeré. Kò sì ba àlọ́ náà jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo òsì inú rẹ̀ bá ti jẹ́ òsì kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá yìí!” Ó yá ìwé mi, ó ní òun fẹ́ lọ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá a padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rẹ́ mi dìde. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Mo rò pé á sọ pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Ó fa òpó márùn-ún, ó fa ìlà mẹ́ta, ó sì kọ “ìkíní” sí apá ọ̀tún pátákó. Ó ṣàlàyé yíǹkì, ó ṣàlàyé pẹ́ńsùlù, ó mú ọ̀bọ wọ ilé ìkẹrin. Kò dárúkọ mi.

Olùkọ́ dìde láti ẹ̀yìn kíláàsì. “Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún?”

Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, ibi tí olè máa ń gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí nìyí. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ kan ilé ìkíní lórí pátákó. Ó wá ní, “Màmá mi ni, sà. Iwájú ilé ló máa ń jókòó sí, tó bá ń júwe ọ̀nà, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń lò. Ó máa ń sọ pé ilé ló lọ́wọ́.”

Olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ká ní àtẹ nìkan ló jí ni, mo lè ya òmíràn.

Nígbà tí mo gbé ìwé mi kalẹ̀, olùkọ́ wò ó, ó wo pátákó, ó wò mí. Mo ní, “Sà, èmi ni mo kọ́ ọ.” Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ mi, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀. “A jọ kàwé ni, sà,” ló sọ. Olùkọ́ dá ìwé mi padà, ó ní ojú kò tì mí. Ẹ̀rí wo ni mo fẹ́ mú wá? Mi ò lè la ẹnu sọ níwájú kíláàsì pé ọ̀rẹ́ mi kò ní ìyá. Màmá mi ni ẹ̀rí mi, ọ̀rẹ́ mi sì ti jí òun náà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n mú sílé ìwé inú ọgbà. Wọ́n rán èmi lọ sí etí omi. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń délé láti ibẹ̀, bí omi bá kún kò tiẹ̀ ṣeé ṣe. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún màmá mi. Mo ní kí ló máa fi ṣe? Torí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa lẹ́yìn iṣẹ́, màmá mi ṣí ilẹ̀kùn fún un bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọdún kẹta tí mo lò létí omi ni màmá mi kú. Òjò ni, kò sí ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti sin ín. Ìyàwó ilé kejì sí tiwa ló mú mi jókòó, ó ń fi ara balẹ̀ sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń tù mí nínú.

“Má sunkún. Kò kú lóun nìkan. Kò ríran mọ́ rárá, orúkọ rẹ ló ń pè látàárọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, Ọlọ́run á bù kún un, òun ló ń jẹ́ ẹ.”

Mo rí ọ̀rẹ́ mi ní iwájú ilé. Ibi tí màmá mi máa ń jókòó ló jókòó sí, ojú rẹ̀ wú, ó kọjú sí ọ̀nà. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo béèrè pé, “Nígbà tó pè mí, ṣé lóòótọ́ lo jẹ́ ẹ?”

Ó ní, “Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa pè. Mo ní, ‘Màmi, èmi nìyí.’”

“Kí ló wá sọ?”

Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Ó ní kí n jókòó sọ́wọ́ òsì òun.”