Orúkọ Màmá Lára Ògiri

Kòkòrò ni wolé-wolé rí nínú ìyẹ̀fun wa ní Ọ̀wọ̀, ó sì ti ilé búrẹ́dì pa. Ó ní kí èmi akọ̀wé kọ ohun tó fà á, àtúnṣe rẹ̀, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí òun yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá tó ni ilé iṣẹ́ ló ń to àpò tuntun lé ògbólógbòó, ti ìsàlẹ̀ sì ń kó kòkòrò. A da èyí tó bàjẹ́ nù. Àpò tó bá kọ́kọ́ dé ni a ó máa kọ́kọ́ lò. Ta ni yóò máa mójú tó o? Mo kọ "Màmá".

Wolé-wolé fa igi lé e. "Màmá wo? Orúkọ ni mo fẹ́."

Inú bí mi. Ta ni yóò la ẹnu pe àgbà lórúkọ? Màmá fúnra rẹ̀ ló dìde, ó pe orúkọ ara rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wolé-wolé tú àpò títí, kò rí kòkòrò, ó sì ṣí ilé búrẹ́dì wa padà. A lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Màmá kò mọ̀wé, ó ní kí n fi orúkọ òun han òun. Láràárọ̀, kó tó ṣí sítọ́ọ̀ ìyẹ̀fun, yóò fi ìka kàn án, bí ọmọ tí àgbà rán níṣẹ́.